Bí Ẹ Ṣe Lè Yọ Owó Ọjọ́ Tí Òṣìṣẹ́ Kò Wá Láìrẹ́ Ẹnikẹ́ni Jẹ

Òṣìṣẹ́ kan tọrọ àyè láti lọ sìnkú bàbá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ìsinmi ọdún rẹ̀ ti tán, ẹ sì ti jọ fẹnu kò pé kò ní gba owó fún àwọn ọjọ́ tí kò bá wá. Nígbà tí oṣù bá parí, èló lẹ máa yọ? Láàárín àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí mo ń bá ṣètò owó oṣù ní Adó-Èkìtì, mo ti bá ẹni tó ń fi 30 pín owó, mo ti bá ẹni tó ń fi 26, mo sì ti bá ẹni tó ń fi 22. Gbogbo wọn ló ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìrẹ́jẹ ti ń wọlé ni ìgbà tí wọ́n bá fi oríṣi ọjọ́ kan pín owó, tí wọ́n sì wá fi oríṣi ọjọ́ mìíràn ka iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kò wá. Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ pẹ́ lé jù.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ọjọ́ náà kò lówó nínú

Kí ẹ tó mú ẹ̀rọ ìṣírò, ẹ gbé ìwé ìgbanisíṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà àti àkọsílẹ̀ ìsinmi rẹ̀ síwájú. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 léraléra ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ pé pérépéré. Tó bá jẹ́ àìsàn ló dá a dúró sílé, tí dókítà sì kọ̀wé fún un, ó lè gba owó fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 láàárín ọdún kan. Obìnrin tó fẹ́ bímọ ní ọ̀sẹ̀ 12, tó bá sì ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, owó tí wọ́n máa san fún un kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí dìídì kàn. Ti máníjà wà lọ́wọ́ àdéhùn tó bá yín ṣe. Ọjọ́ tó bá bọ́ sábẹ́ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ má fọwọ́ kan owó rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀gá fetí sí. Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ẹni tí kò bá wá lọ́jọ́ kan, owó ọjọ́ méjì la máa yọ." Owó ọjọ́ àkọ́kọ́ ni owó tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ìtanràn ni ti ọjọ́ kejì, òfin yìí kan náà sì ti kà á léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Tí ẹnì kan bá sọ àìwá síbi iṣẹ́ di àṣà, ìwé ìkìlọ̀ ni kí ẹ kọ sí i.

Ẹ mọ owó tí ẹ fẹ́ pín

Owó oṣù tó wà nínú àdéhùn, kí ẹ tó yọ ohunkóhun nínú rẹ̀, ni kí ẹ pín. Tí owó ilé àti owó ọkọ̀ bá wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ iye kan náà lẹ ń san lóṣooṣù, ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, àfi tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bá sọ pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kọmíṣọ̀n àti owó iṣẹ́ àṣekún kò sí nínú rẹ̀, torí ẹni tí kò wá kò ní rí wọn gbà fún ọjọ́ yẹn tẹ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe pín iye tó ń wọ báńkì òṣìṣẹ́. Àwọn owó kan wà tí kì í dín kù nítorí pé èèyàn kò wá síbi iṣẹ́. Ká ní òṣìṣẹ́ ń dá ₦25,000 padà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lóṣooṣù, tó sì pa ọjọ́ 6 jẹ nínú ọjọ́ iṣẹ́ 27. Tí ẹ bá pín owó tó kù lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ti alájẹṣẹ́kù, owó tí ẹ máa yọ fún ọjọ́ 6 náà máa fi ₦5,555.56 kéré sí bó ṣe yẹ. Ọ̀gá ló máa san ìyẹn nínú gbèsè alájẹṣẹ́kù òṣìṣẹ́ náà láìmọ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ tàbí ọjọ́ kàlẹ́ńdà: ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má sì yẹ̀ lórí rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ilé búrẹ́dì kan ní Adó-Èkìtì wò. Ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í ṣí ní Ọjọ́ Àìkú. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń po ìyẹ̀fun, ₦108,000 ni owó oṣù rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó gba àyè ìsìnkú láti Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 16 títí dé Ọjọ́rú ọjọ́ 22, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 23.

Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà oṣù náà. Ọjọ́ 31 ló ní. Ọjọ́ Àìkú bọ́ sí ọjọ́ 5, 12, 19 àti 26, ó di mẹ́rin. Tí ẹ bá yọ mẹ́rin kúrò nínú 31, ọjọ́ iṣẹ́ 27 ló kù. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ọjọ́ òmìnira, tó tún jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, wà nínú 27 yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìsinmi tó lówó nínú ni, owó rẹ̀ sì wà nínú ₦108,000. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ fi ń pín, owó ọjọ́ kan máa gbé sókè, owó tí ẹ máa yọ lọ́wọ́ obìnrin yìí á sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ wá ka ọjọ́ tí kò wá. Láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 22 jẹ́ ọjọ́ 7 lórí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ Àìkú ọjọ́ 19 wà láàárín wọn, nítorí náà ọjọ́ iṣẹ́ 6 ni.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ lẹ mú, ₦108,000 tí a fi 27 pín jẹ́ ₦4,000. Ìyẹn ni owó ọjọ́ kan. Lọ́nà mẹ́fà, ó di ₦24,000. Owó oṣù rẹ̀ ku ₦84,000.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ kàlẹ́ńdà lẹ mú, ẹ fi 31 pín ₦108,000, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 7, torí Ọjọ́ Àìkú náà ti wọ inú ìṣirò báyìí. Owó tí ẹ máa yọ jẹ́ ₦24,387.10. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì kò tó ₦400. Èyíkéyìí nínú wọn ló dára, bí ẹ bá ti lè máa lò ó fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní gbogbo oṣù.

Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá po méjèèjì pọ̀. Akọ̀wé fi ọjọ́ iṣẹ́ 27 pín owó, ó rí ₦4,000. Ó wo ìwé àyè tí obìnrin náà kọ, ó rí "ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 22", ó ka ọjọ́ 7, ó sì yọ ₦28,000. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun kò nílò ìmọ̀ ìṣirò kankan láti rí i pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó máa wá bá yín pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ka Ọjọ́ Àìkú mọ́ mi lọ́rùn. Ṣé ẹ máa ń sanwó Ọjọ́ Àìkú fún mi tẹ́lẹ̀ ni?" Òtítọ́ ló sì sọ. Nígbà tí ẹ fi 27 pín owó, ẹ ti sọ pé Ọjọ́ Àìkú kò ní owó kankan nínú oṣù yẹn. Ẹ kò lè wá yọ owó ọjọ́ tí ẹ kò fi owó kankan sí.

Òdìkejì rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ náà. Ọ̀gá kan á fi 30 pín owó, á rí ₦3,600, á wá ka ọjọ́ iṣẹ́ 6 péré, á yọ ₦21,600. Òun fúnra rẹ̀ ló pàdánù níbẹ̀, torí ẹni tó bá fi 30 pín gbọ́dọ̀ ka Ọjọ́ Àìkú tó wà láàárín, kí ó di ọjọ́ 7, ₦25,200. Ọmọ iṣẹ́ kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa èyí, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ibi tí Ọjọ́ Àìkú ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni orí àwọn tó gba àyè Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta nìkan, tí wọ́n padà ní Ọjọ́ Ajé. Lábẹ́ ọ̀nà kàlẹ́ńdà, ṣé ẹ máa ka Ọjọ́ Àìkú mọ́ ọn? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú àdéhùn ṣáájú. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó bá wà láàárín ọjọ́ méjì tí òṣìṣẹ́ kò wá nìkan ni kí ẹ kà. Èyí tó bá wà ní ìparí, tí ó sì wọṣẹ́ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Nítorí irú ìbéèrè yìí ni mo ṣe máa ń gba àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké níyànjú pé kí wọ́n mú ọ̀nà ọjọ́ iṣẹ́. Kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀: ọjọ́ tó yẹ kó wá tí kò wá ni à ń kà.

Tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà lẹ ti ń ṣe owó oṣù, Excel lè bá yín ka ọjọ́ iṣẹ́. Nọ́ńbà 11 tó wà ní ìparí ló ń sọ fún un pé Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìsinmi ọ̀sẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ máa fún yín ní 27, ìkejì 6, ìkẹta 24000.

```
=NETWORKDAYS.INTL(DATE(2025,10,1),DATE(2025,10,31),11)
=NETWORKDAYS.INTL(DATE(2025,10,16),DATE(2025,10,22),11)
=ROUND(108000/27*6,2)
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìparí pátápátá ni mo ti gé kọ́bọ̀. Ẹ má ṣe gé owó ọjọ́ kan sí iye tó gún kí ẹ tó sọ ọ́ di ìlọ́po. Ẹni tó bá fi 26 pín ₦108,000, tó rí ₦4,153.85, tó wá sọ ọ́ di ₦4,200 torí kó lè rọrùn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ níyà fún gbogbo ọjọ́ tí kò wá.

Ẹ fi odindi oṣù dán ọ̀nà yín wò

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè fi àléébù ọ̀nà yòówù kí ẹ mú hàn: tí òṣìṣẹ́ kò bá wá rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé ìparí rẹ̀, èló ló máa kù? Ó yẹ kó jẹ́ òdo. Ọ̀nà ọjọ́ iṣẹ́ oṣù gan-an yege níbí: ₦4,000 lọ́nà 27 jẹ́ ₦108,000.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ máa ń fi 26 pín owó ní gbogbo oṣù. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àdìtú. Ọ̀sẹ̀ 52 lọ́nà ọjọ́ 6 jẹ́ 312. Tí ẹ bá fi oṣù 12 pín in, 26 lẹ máa rí. Fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún, bíi ilé ìwé, 260 tí a fi 12 pín jẹ́ 21.67, èyí tí àwọn èèyàn wá sọ di 22. Ohun tó dùn mọ́ni nínú nọ́ńbà tó dúró sójú kan ni pé owó ọjọ́ kan kì í yí padà. Lábẹ́ ọ̀nà ọjọ́ iṣẹ́, obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun yẹn máa pàdánù ₦4,000 lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹwàá, àmọ́ ní oṣù kejì ọdún 2026, tí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 24, ₦4,500 ni. Ó yẹ kí ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún wọn kí wọ́n má bàa rò pé ẹ ń fi owó ṣeré.

Àmọ́ 26 kò yege nínú ìdánwò odindi oṣù. Ní oṣù kẹwàá, ọjọ́ 27 lọ́nà ₦4,153.85 ju ₦108,000 lọ. Ẹni tí kò wá rárá á wá jẹ ilé iṣẹ́ ní gbèsè owó ọjọ́ kan. Ní oṣù kejì ọdún 2026, ẹni tí kò wá rárá máa gba owó ọjọ́ méjì ní ọ̀fẹ́. Ẹ wo ẹni tó wá ní ọjọ́ 3 péré ní oṣù kẹwàá. Ó pa ọjọ́ 24 jẹ. Tí ẹ bá yọ owó ọjọ́ 24, ₦8,307.69 ló kù fún un, ìyẹn owó ọjọ́ méjì fún ẹni tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá ń lo 26, 22 tàbí 30, ẹ gbọ́dọ̀ fi gbólóhùn kan kún àdéhùn yín: tí òṣìṣẹ́ bá pa ju ìdajì oṣù jẹ, owó ọjọ́ tó wá ni a máa kà fún un, a kò ní yọ owó ọjọ́ tí kò wá. Fún ẹni ọjọ́ 3 yẹn, ọjọ́ 3 lọ́nà ₦4,153.85 jẹ́ ₦12,461.54. Ìyẹn ló tọ́ sí i.

Tí ìsinmi bá kọjá láti oṣù kan bọ́ sí òmíràn

Ẹ gé e sí méjì, kí oṣù kọ̀ọ̀kan ru ti rẹ̀. Ká ní obìnrin yẹn lọ láti Ọjọ́rú ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá títí dé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá. Ọjọ́ iṣẹ́ 3 bọ́ sí oṣù kẹwàá, ₦12,000. Oṣù kọkànlá ní Ọjọ́ Àìkú márùn-ún, ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 25, owó ọjọ́ kan wá jẹ́ ₦4,320. Ọjọ́ 3 tó kù jẹ́ ₦12,960. Ẹ má fi owó ọjọ́ oṣù kan yọ ti oṣù kejì.

Owó ọjọ́ tí kò wá ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e

₦84,000 tó kù ni owó oṣù rẹ̀ fún oṣù yẹn. Orí rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣírò owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún tí Òfin Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ san di ₦6,720 dípò ₦8,640, ìdá 10 tí ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ ń san náà á sì dín kù. Mo ń rò ó sí pé owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ nìkan ló wà nínú ₦108,000 yẹn.

Òfin Iṣẹ́ tún sọ pé gbogbo owó tí wọ́n bá yọ nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù yẹn. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦84,000 jẹ́ ₦28,000. Tí ẹ bá yọ ₦6,720 ti ìfẹ̀yìntì, láìtíì ka owó orí, ₦21,280 ló kù tí ẹ lè yọ fún alájẹṣẹ́kù. ₦25,000 tó ń dá padà tẹ́lẹ̀ kò ní wọlé tán; ẹ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ̀rọ̀ kí ₦3,720 tó ṣẹ́ kù sún sí oṣù tó ń bọ̀. Nínú oṣù tó bá pé, láìka owó orí, kò sí ìṣòro kankan, ìdí nìyẹn tí akọ̀wé kì í fi í rántí wò ó.

Nínú ìwé ìsanwó, ẹ má kàn kọ "àyọkúrò: ₦24,000". Ẹ kọ ọ́ jáde: owó oṣù ₦108,000, ọjọ́ iṣẹ́ oṣù yìí 27, owó ọjọ́ kan ₦4,000, ọjọ́ tí a kò wá 6, láti ọjọ́ 16 sí 22, láìka ọjọ́ 19, iye tí a yọ ₦24,000. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ lè fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ka ọjọ́ náà, kó sì bá yín sọ̀rọ̀ kí owó tó wọ báńkì.

Tí owó bá ti jáde kí ìsinmi tó wáyé

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń sanwó ní nǹkan bí ọjọ́ 25. Ẹni tó bá lọ ní ọjọ́ 29 ti gba owó odindi oṣù. Inú owó oṣù tó ń bọ̀ lẹ ti máa yọ ọ́, àmọ́ owó ọjọ́ ti oṣù kẹwàá, ₦4,000, ni kí ẹ lò, torí oṣù yẹn ni ọjọ́ náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ fi í sórí ìlà tirẹ̀ nínú ìwé ìsanwó, kí ẹ kọ déètì rẹ̀ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́: owó tí ẹ bá san ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tí ẹ san láàárín oṣù mẹ́ta ṣáájú oṣù tí ẹ rí àṣìṣe náà nìkan ni òfin gbà kí ẹ yọ padà.